Abẹ́rẹ́ Kan Ṣoṣo Kò Tó Fún Ọmọ Ajá: Ọ̀rọ̀ Pávò àti Káàdì Tí Wọ́n Ń Fún Yín Lọ́jà

 

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ mélòó kan. "Mo ra ọmọ ajá kó lè máa bá mi ṣọ́ oko adìyẹ. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ti gún un lábẹ́rẹ́, ó tún fún mi ní káàdì. Kí ló wá dé tí pávò tún fi mú un?" Àwọn kan ti bínú débi pé wọ́n ní ayédèrú ni gbogbo abẹ́rẹ́ ajá tó wà lọ́jà.

Èrò tiwa rèé, a ò ní fi bò. Ayédèrú lè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ojúlówó ni abẹ́rẹ́ náà. Àkókò tí kò lè mú ni wọ́n gún un, wọ́n wá sọ fún ẹni tó ń rà á pé ó ti parí. Inú "ó ti parí" yẹn ni irọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń sin adìyẹ lọ́nà Ìwó ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ra ọmọ ajá méjì, akọ kan, abo kan, ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀sẹ̀ 7 ni àwọn ọmọ ajá náà nígbà yẹn. Abẹ́rẹ́ kan ló wà lórí káàdì wọn, ọjọ́ tí wọ́n pé ọjọ́ 42 ni wọ́n gún un, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 6. Olùtajà ní kò ku nǹkan kan mọ́ àfi kí wọ́n máa fún wọn lóúnjẹ.

Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 10, akọ kọ oúnjẹ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bì, ìfófòó aláwọ̀ ìyeyè ló ń jáde. Nígbà tó di alẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, òórùn rẹ̀ ò ṣeé fi wé ti ìgbẹ́ lásán. Ẹ̀gbọ́n wa ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe. Wọ́n po ẹyin tútù mọ́ epo pupa, wọ́n dà á sí i lẹ́nu. Wọ́n tú kápúsù tẹtirasáíkílìnì sínú omi, wọ́n fún un. Gbogbo rẹ̀ ló bì jáde. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, òru ọjọ́ kejì ló kú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, abo náà ò jẹun. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò dúró wo nǹkan kan, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kó tó bì ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun tí dókítà yẹn ṣe ló yẹ ká mọ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ pávò. Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni pávò. Aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun lè fà á, májèlé lè fà á, egungun tó há sínú ìfun lè mú kí ajá máa bì. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi wọ́n: ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ni? Ọjọ́ wo ni wọ́n gún un? Ǹjẹ́ òmíràn ti ṣàìsàn nínú ilé? Ó wọ̀n ọ́n, kílò 5 ni. Ó wo ibà, ó jẹ́ 39.8, tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi ọwọ́ fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, awọ náà ò tètè padà sáyè rẹ̀. Ó tẹ èrìgì rẹ̀, ó gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Omi ara ti ń tán nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló fi òwú kékeré gba ìgbẹ́ láti ihò ìdí ajá náà, ó pò ó mọ́ oògùn inú ìgò kíìtì àyẹ̀wò, ó kán an sójú ike. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, èsì ti jáde. Ilà kan ṣoṣo ló hàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò rí pávò. Ẹ̀gbọ́n wa ti ń dúpẹ́, wọ́n ti fẹ́ máa gbé ajá wọn lọ sílé. Dókítà ní, "Ẹ má tíì yọ̀, sà."

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Kòkòrò àìfojúrí yẹn, tàbí fáírọ́ọ̀sì bí àwọn oníṣègùn ṣe ń pè é, ni ike yẹn ń wá nínú ìgbẹ́. Tí àìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè máà tíì pọ̀ tó nínú ìgbẹ́. Tí ó bá ti pẹ́, ó lè ti ń dín kù. Nígbà míì ìgbẹ́ á kàn ṣàn jù, tí ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀ ò ní tó ohun tí ike lè rí. Nítorí náà, bí ike bá ní "bẹ́ẹ̀ ni" fún ọmọ ajá tó ń bì tó sì ń ya ẹ̀jẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Bó bá ní "rárá", ẹ má fi lọ sùn. Èyí tó tún máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá sẹ́yìn lè mú kí ilà kejì hàn fírífírí, torí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ìyẹn ni dókítà ṣe ń béèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́.

Ó wá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun inú rẹ̀. Ó ti wálẹ̀ gan-an. Ó wo ìgbẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí ẹyin aràn níbẹ̀. Aràn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aràn kì í mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wálẹ̀ báyẹn. Ó ya ajá náà sọ́tọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú bí ẹni pé pávò ni. Nígbà tó tún àyẹ̀wò ike ṣe lọ́jọ́ kejì, ilà méjì ló jáde gbangba. Ká ní wọ́n ti gbé e lọ sílé látàrí èsì àkọ́kọ́ ńkọ́?

Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń wálẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ sí i ni pávò fẹ́ràn láti wọ̀. Nínú ọmọ ajá, ibi méjì nìyẹn wà jù: inú ìfun àti mùdùnmúdùn inú egungun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ó máa bó ara ìfun bí àgbàrá ṣe ń wọ́ ojú ilẹ̀ oko lọ, ìfun ò ní lè fa omi àti oúnjẹ mọ́. Bakitéríà tó wà nínú ìgbẹ́ á wá gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó bá wọn jà ti tán nílẹ̀. Gbígbẹ omi ara àti bakitéríà inú ẹ̀jẹ̀ yìí ló sì máa ń pa ọmọ ajá.

Ẹ ó wá rí ìdí tí ẹyin òun epo pupa kò fi lè ṣe nǹkan kan. Ìfun tí wọ́n ti bó lára, epo kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀? Kò sì sí kápúsù kan tó ń pa pávò fúnra rẹ̀. Ẹ máa rí i tí dókítà ń gún abẹ́rẹ́ apabakitéríà. Torí bakitéríà tó ń gba inú ìfun wọlé ló ṣe ń gún un.

Omi ni oògùn àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dókítà wo awọ àti èrìgì, ó ní omi tó ti lọ tó ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ajá kílò 5, ìyẹn jẹ́ mìlílítà 400. Ohun tí ara rẹ̀ nílò fún ọjọ́ kan, bí kò bá tilẹ̀ ṣàìsàn, kò lè dín ní 300. Èyí tó ṣì máa bì àti èyí tó máa yà dànù lọ́jọ́ náà lè tó 300. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà kan, ìyẹn píọ́ wọ́tà méjì odindi, fún ajá tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Ẹ má gbìyànjú láti dà á sí i lẹ́nu nígbà tó ń bì, á dá a padà fún yín ni, ó sì lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ojú iṣan ni wọ́n ń gbà fún un, dírípù tí wọ́n ń pè ní Ríńgàsì Lákítéètì ni wọ́n sábà ń lò, wọ́n á fi gúlúkóòsì àti potasíọ́mù kún un, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ajá tí kò jẹun máa ń já wálẹ̀ kíákíá.

Lẹ́yìn omi ni abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró. Mẹrópítáńtì ni wọ́n lò fún abo yìí, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ni ooru, torí ọmọ ajá tó ní pávò tètè máa ń tutù. Àti oúnjẹ. Láyé ọjọ́sí wọ́n máa ń ní kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan jẹ títí èébì á fi dá. A ti mọ̀ báyìí pé bí oúnjẹ díẹ̀ bá tètè wọnú ìfun, ìfun á tètè san, kódà bó jẹ́ rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n fi gba ihò imú rẹ̀ kọjá. Dókítà fi oògùn aràn sílẹ̀ títí èébì fi dá.

Ọjọ́ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Ó lọ sílé lọ́jọ́ kẹfà.

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ló lè san owó ìtọ́jú ọjọ́ márùn-ún. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kolorádò ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán ọ̀nà kan wò pẹ̀lú ajá 40. Wọ́n kọ́kọ́ fún gbogbo wọn ní omi láti ojú iṣan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dá àwọn kan dúró sórí dírípù, wọ́n sì tọ́jú àwọn yòókù bí èyí tí olówó rẹ̀ ń gbé wálé: omi lábẹ́ awọ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, abẹ́rẹ́ èébì lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ apabakitéríà alágbára tó ń pẹ́ lára. Nínú àwọn tó wà lórí dírípù, ìdá 90 nínú 100 ló yè. Nínú àwọn tó kù, ìdá 80. Nítorí náà, bí owó ò bá tó, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín kẹ́ ẹ jọ wá ọ̀nà. Èyí tí kò dáa ni kẹ́ ẹ jókòó sílé pẹ̀lú kápúsù.

Ó wá ku ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn: wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kí ló dé tó fi mú un?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ, ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ kàn ò tíì fi wé ti ajá ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í fi fún òròmọdìyẹ ní Gọ̀m̀bórò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ sì jókòó? Torí ọmọ ogun ara tí ìyá wọn fi sínú ẹyin lè pa abẹ́rẹ́ náà kó tó ṣiṣẹ́, ẹ ò sì mọ ọjọ́ tó máa tán lára òròmọdìyẹ kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló wà lára ajá. Ní ti ajá, inú wàrà àkọ́kọ́ tó nípọn, èyí tí ọmọ ń mu lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ni púpọ̀ jù nínú ọmọ ogun ìyá ti ń wọlé.

Ààbò gidi ni ọmọ ogun ìyá yìí. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pávò tó wá láti ìgboro àti fáírọ́ọ̀sì aláìlágbára inú abẹ́rẹ́. Kí abẹ́rẹ́ tó lè kọ́ ara ọmọ ajá níjà, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i nínú ara rẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ogun ìyá á pa á kó tó pọ̀. Ẹ ti gún un, ẹ ti sanwó, ara ọmọ ajá ò kọ́ nǹkan kan.

Ọmọ ogun ìyá kì í sì í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá ló ń dín sí ìdajì. Ní ibi àyẹ̀wò, wọ́n máa ń fi nọ́mbà wọ̀n ọ́n. Tí nọ́mbà náà bá tó 80, ó lè dáàbò bo ọmọ ajá lọ́wọ́ pávò ìgboro. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 80, pávò ìgboro lè ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì tó 20, ó ṣì lè pa abẹ́rẹ́. Àlàfo àárín 80 sí 20 yìí gan-an ni ikú ń gbà wọlé. Ó dà bí ògiri tó ti wó débi tí olè lè fò ó, ṣùgbọ́n tó ṣì ga ju ohun tí ọdẹ tí ẹ gbà síṣẹ́ lè fò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ajá kan ṣírò rẹ̀, kí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 2560 lọ́jọ́ tó mu wàrà àkọ́kọ́. Ọjọ́ 10, ó di 1280. Ọjọ́ 20, 640. Ọjọ́ 30, 320. Ọjọ́ 40, 160. Ọjọ́ 50, 80. Ọjọ́ 60, 40. Ọjọ́ 70, 20. Ọjọ́ 80, 10. Ẹ wá wo ọjọ́ 42 tí wọ́n gún ọmọ ajá ẹ̀gbọ́n wa. Bí nọ́mbà tirẹ̀ bá jọ èyí, ó ṣì ju 100 lọ lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ kú síbẹ̀. Láti ọjọ́ 50 ni ìlẹ̀kùn ti ṣí fún pávò, ọjọ́ 70 ló sì dùbúlẹ̀. A ò wọn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ o, àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ rí bí ó ṣe bá ìtàn náà mu.

Ká ní wọ́n tún gún un ní ọ̀sẹ̀ 9 ńkọ́? Ọjọ́ 63 nìyẹn, nọ́mbà á ṣì lé ní 30. Kò ní mú. Ti ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 84, ló máa mú, torí ó ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ 10. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì parí rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá tó ti yè bọ́ lọ́wọ́ pávò rí, tàbí tí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé dáadáa, lè fún ọmọ rẹ̀ ní 10240. Ìyẹn á ṣì wà ní bíi 30 ní ọ̀sẹ̀ 12. Àfi tó bá tó ọ̀sẹ̀ 16 kó tó já wálẹ̀ sí bíi 4 tàbí 5. Kódà ọmọ ìyá kan náà kì í rí bákan náà. Èyí tó ń jà gba ọmú mu wàrà púpọ̀, èyí tí wọ́n ń tì sẹ́yìn mu díẹ̀. Abẹ́rẹ́ òde òní dára ju ti àtijọ́ lọ, àwọn kan máa ń mú bí nọ́mbà náà ò bá tiẹ̀ tíì wálẹ̀ tán, ṣùgbọ́n wọ́n kàn dín àlàfo yẹn kù ni, wọn ò dí i pa.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gún un léraléra. Abẹ́rẹ́ kejì àti ìkẹta kì í ṣe àfikún agbára sórí ti àkọ́kọ́, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Àtúnkàn ilẹ̀kùn ni, torí a ò mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn á ṣí. Bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, má dúró títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 tàbí kó lé díẹ̀. Bí èèyàn bá ní owó abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí ajá sì wà nínú ọgbà tí kò bá ajá míì pàdé, a ó gbà á nímọ̀ràn kó fi owó náà gún ti ọ̀sẹ̀ 16 dípò ti ọ̀sẹ̀ 6. A mọ̀ pé àwọn tó ń ta ọmọ ajá ò ní fẹ́ràn gbólóhùn yìí, torí ti ọ̀sẹ̀ 6 ló ń jẹ́ kí ọjà wọn tà.

Ẹ̀yin olùtajà, a ò ní kẹ́ ẹ tọ́jú ọmọ ajá di ọ̀sẹ̀ 16 kẹ́ ẹ tó tà á, a mọ iye tí oúnjẹ jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó kù sórí káàdì, kẹ́ ẹ sì fi ẹnu sọ ọ́: "Kò tíì pé o, ó ku ti ọjọ́ báyìí àti ti ọjọ́ báyìí." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà, ẹ fi ọjọ́ ìbí ṣírò ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn. Bí kò bá tó ọ̀sẹ̀ 16, káàdì náà ò pé, ì báà ní òǹtẹ̀ mẹ́rin. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ náà sí. Inú tútù ìwọ̀n 2 sí 8 ló gbọ́dọ̀ wà. Firíìjì tí iná ò dé ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹnìkan máa ní, "Bíńgò ilé bàbá mi ò gba abẹ́rẹ́ kankan rí, ó sì lo ọdún 10." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n bí pẹ̀lú rẹ̀? Àwọn tó kú ní ọ̀sẹ̀ 9, aràn ni wọ́n ní ó pa wọ́n, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n, ẹnikẹ́ni ò kà wọ́n mọ́. Èyí tó kù ni à ń rí.

Abo ẹ̀gbọ́n wa ti ń gbó báyìí. Pávò tó ṣe é yẹn fúnra rẹ̀ ti kọ́ ara rẹ̀ níjà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gún un ní ọ̀sẹ̀ 16, torí abẹ́rẹ́ náà ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ dìsítẹ́ńpà àti àwọn àìsàn míì pẹ̀lú. Wọ́n ti fẹ́ ra akọ míì rọ́pò èyí tó kú. A ní kí wọ́n mú sùúrù. Kòkòrò yìí lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀ nínú ilẹ̀, bàtà lásán sì lè gbé e wọlé. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ṣeé tọ́jú: wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ gbogbo ìgbẹ́ kúrò, torí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí, lẹ́yìn náà wọ́n pò bílíìṣì ife 1 mọ́ omi ife 30, wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdí igi máńgòrò tí àwọn ajá náà ti ń ṣeré ńkọ́? Bílíìṣì ò lè fọ erùpẹ̀. Nítorí náà wọ́n ti bá olùtajà míì sọ̀rọ̀, wọ́n ti san owó oúnjẹ sílẹ̀, kó bá wọn tọ́jú akọ kan sọ́dọ̀ títí yóò fi gba ti ọ̀sẹ̀ 16, kó sì tún lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí wọ́n tó lọ gbé e.